Ẹ Má Dúró Sí Ìlà Àkọ́kọ́: Bí A Ṣe Ń Ka Àtẹ̀jáde Báńkì Àpapọ̀ Lórí Owó Èlé

Ní ọjọ́ 23 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, ìròyìn kan gba orí rédíò àti ojú ìwé ìròyìn kan: Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ Nàìjíríà ti dín owó èlé kù, láti 27.5% sí 27%. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí wọ́n dín in kù láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2020. Ẹni tó ń tajà ní Dùgbẹ̀ gbọ́ ọ, àgbẹ̀ tó wà ní Ìséyìn gbọ́ ọ, ìbéèrè kan náà ló sì wá sí wọn lẹ́nu: ṣé owó tí mo fẹ́ yá á wá rọrùn báyìí? Ṣé ọjà á dẹ̀rọ̀? Ọ̀pọ̀ ló dá ara wọn lóhùn pé àádọ́ta kọ́bọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún náírà kò lè mú ìyàtọ̀ kankan wá.

Bó bá jẹ́ ìlà àkọ́kọ́ nìkan la kà, wọn kò jayò pa. Ṣùgbọ́n ìpinnu márùn-ún ló wà nínú àtẹ̀jáde ọjọ́ náà, ẹyọ kan péré sì ni ìròyìn gbé kiri. Inú àwọn tó kù ni ìdínkù tó tóbi jù wà, ibẹ̀ náà sì ni wọ́n ti fún okùn pọ̀ ní ọ̀nà mìíràn. Ẹni tó bá mọ bí a ṣe ń ka ìlà márààrún á mọ ohun tí báńkì náà ṣe gan-an, yàtọ̀ sí ohun tí wọ́n ní ó ṣe.

Àwọn tó ń jókòó

Àwọn tó ń pinnu owó èlé ni Ìgbìmọ̀ Ìlànà Owó ti Báńkì Àpapọ̀. Òfin báńkì náà ti ọdún 2007 ní kí wọ́n jẹ́ méjìlá: gómìnà báńkì, àwọn igbákejì rẹ̀ mẹ́rin, méjì láti inú ìgbìmọ̀ olùdarí báńkì, mẹ́ta tí Ààrẹ yàn, àti méjì tí gómìnà yàn. Wọ́n máa ń jókòó fún ọjọ́ méjì. Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, gómìnà á ka àtẹ̀jáde wọn síta. Láti oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, Ọláyẹmí Cardoso ni gómìnà náà.

Àtẹ̀jáde náà kò gùn, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ìlànà kan náà ni wọ́n fi ń kọ ọ́ nígbà gbogbo. Ìpinnu wà níbẹ̀, ìdí tí wọ́n fi ṣe ìpinnu náà wà níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ohun tí wọ́n rò pé ó ń bọ̀ níwájú. Nítorí pé ìlànà náà kì í yí padà, ọ̀nà tó dára jù láti kà á ni kí a gbé tuntun sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti ìpàdé tó ṣáájú rẹ̀, kí a sì wo ibi tí wọ́n ti yàtọ̀. Bí a ó ṣe ka ti oṣù Kẹsàn-án 2025 nìyẹn.

Ìlà àkọ́kọ́: owó èlé ìpìlẹ̀

Lẹ́tà mẹ́ta tí ẹ máa kọ́kọ́ rí ni MPR. Òun ni owó èlé ìpìlẹ̀, tí Báńkì Àpapọ̀ fi ń fi ọ̀nà han gbogbo báńkì yòókù. Kì í ṣe iye tí báńkì àdúgbò yín á fi yá yín lówó. Orí rẹ̀ ni àwọn iye yòókù ti ń gbéra.

Ìdínkù oṣù Kẹsàn-án kò lè yé wa tán bí a kò bá mọ ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, 18.75% ni owó èlé ìpìlẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni ìgbìmọ̀ náà pàdé lọ́dún yẹn, ẹ̀ẹ̀mẹfẹ̀ẹ̀fà náà ni wọ́n sì gbé e sókè. Ti oṣù Kejì ló le jù, nítorí wọ́n fò láti 18.75% sí 22.75% lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Nígbà tí oṣù Kọkànlá máa fi parí, ó ti di 27.5%. Orí iye yẹn ló dúró sí títí di oṣù Kẹsàn-án ọdún tó tẹ̀ lé e.

Nínú àtẹ̀jáde, wọn kì í sọ pé àwọn dín in kù ní ìdajì ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Wọ́n á ní àwọn dín in kù ní béésìs pọ́ìntì 50. Kí èyí má ṣe dẹ́rù bà yín: ọgọ́rùn-ún béésìs pọ́ìntì ló jẹ́ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún. Bí ẹ bá rí 50, 0.5% ni. Bí ẹ bá rí 250, 2.5% ni. Ìṣirò yìí ló máa ṣí ìlà kejì fún wa.

Ìlà kejì: òkè àti ìsàlẹ̀

Ìlà kejì ni àwọn oníròyìn sábà máa ń fò. Ohun tó wà níbẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án kò ju nọ́ńbà méjì tí wọ́n fi ìlà kan pín sí méjì lọ: +250/-250. Ṣáájú ìgbà náà, +500/-100 ló wà níbẹ̀.

Báyìí ni ọ̀rọ̀ náà ṣe rí. Bí ilẹ̀ bá ṣú, àwọn báńkì kan á wà tí owó kò tó lọ́wọ́ wọn láti fi parí iṣẹ́ ọjọ́ náà, àwọn mìíràn á sì ní owó tó ṣẹ́kù. Báńkì tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀ lè lọ yá a lọ́wọ́ Báńkì Àpapọ̀ di ọjọ́ kejì. Báńkì tó ní àṣẹ́kù lè lọ fi tirẹ̀ pamọ́ sọ́dọ̀ Báńkì Àpapọ̀, kó sì gba èlé lórí rẹ̀. Nọ́ńbà tó ní àmì ìròpọ̀ ni a ó fi kún owó èlé ìpìlẹ̀ láti mọ iye tí ẹni tó ń yá owó á san. Nọ́ńbà tó ní àmì ìyọkúrò ni a ó yọ kúrò nínú rẹ̀ láti mọ iye tí ẹni tó ń fi owó pamọ́ á gbà. Ti àkọ́kọ́ ni òkè, ti èkejì ni ìsàlẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ṣáájú ìpàdé náà, owó èlé ìpìlẹ̀ jẹ́ 27.5%. Ẹ fi 5 kún un, òkè jẹ́ 32.5%. Ẹ yọ 1 kúrò, ìsàlẹ̀ jẹ́ 26.5%. Lẹ́yìn ìpàdé náà, owó èlé ìpìlẹ̀ di 27%. Ẹ fi 2.5 kún un, òkè di 29.5%. Ẹ yọ 2.5 kúrò, ìsàlẹ̀ di 24.5%.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà rèé. Ìlà àkọ́kọ́ dín owó èlé kù ní 0.5%. Ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ wá sílẹ̀ ní 2%, òkè sì wá sílẹ̀ ní 3%. Báńkì tó máa ń kó ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù náírà lọ fi pamọ́ sọ́dọ̀ Báńkì Àpapọ̀ lálaalẹ́ á rí mílíọ̀nù 26.5 gbà lórí rẹ̀ ní ọdún kan lábẹ́ ìṣirò àtijọ́. Lábẹ́ ti tuntun, mílíọ̀nù 24.5 ni. Mílíọ̀nù méjì ti lọ nínú èrè tí kò fi làágùn rárá.

Ìyẹn gan-an ni ìgbìmọ̀ náà ń wá. Bí báńkì bá lè jókòó kó máa gba 26.5% lọ́wọ́ Báńkì Àpapọ̀ láìsí ewu kankan, kí ló máa sún un láti yá ẹni tó ní ilé ìṣẹ́ búrẹ́dì lówó, ẹni tó ṣeé ṣe kó má lè san án padà? Bí wọ́n ṣe ń rẹ ìsàlẹ̀ sílẹ̀ ni wọ́n ń ti owó jáde kúrò níbẹ̀, kó lè wá ibòmíràn lọ. Nítorí náà ni mo ṣe sọ pé ìlà kejì ló gbé ìdínkù tó pọ̀ jù lọ́jọ́ yẹn.

Owó tí báńkì kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn

Ìlà kẹta àti ìkẹrin dá lórí CRR. Nígbà tí ẹ bá fi owó sí báńkì, kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni báńkì yẹn lè yá fún ẹlòmíràn. Ó di dandan kó kó ìdá kan nínú rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Báńkì Àpapọ̀, níbi tí kò ti ní gba èlé lórí rẹ̀, tí kò sì lè fi ṣòwò. CRR ni orúkọ ìdá yẹn.

Láti oṣù Kẹsàn-án 2024, 50% ni fún àwọn báńkì ìṣòwò tí gbogbo wa ń lò. Ìyẹn ni pé nínú ọgọ́rùn-ún náírà tí ẹ kó sílẹ̀, àádọ́ta ti di àtìmọ́lé. Àmọ́ báńkì kò tíì bọ́ nínú gbèsè ọgọ́rùn-ún tó jẹ yín, ó sì gbọ́dọ̀ rí èrè tó máa fi san owó òṣìṣẹ́ àti ti iná jáde láti inú àádọ́ta tó kù. Ọ̀kan nínú ohun tó ń mú owó èlé ẹ̀yáwó ga nìyí, owó èlé ìpìlẹ̀ ì báà wálẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án 2025, wọ́n dín ìdá náà kù sí 45%. Lórí ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù tí àwọn oníbàárà kó sílẹ̀, mílíọ̀nù márùn-ún bọ́ lọ́wọ́ àtìmọ́lé.

Ṣùgbọ́n ìlà tó tẹ̀ lé e gba ọ̀nà mìíràn. Ìgbìmọ̀ náà dá CRR tuntun sílẹ̀, 75%, lórí owó ìjọba tó wà ní àwọn báńkì ìṣòwò, tí kò sí nínú àpò kan ṣoṣo tí ìjọba àpapọ̀ ní sọ́dọ̀ Báńkì Àpapọ̀. Owó ìjọba ìpínlẹ̀ àti ti ìjọba ìbílẹ̀ wà lára rẹ̀. Báńkì tí ìjọba ìpínlẹ̀ kan fi ọgọ́rùn-ún mílíọ̀nù sí lọ́wọ́ ń lo àádọ́ta nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, mílíọ̀nù 25 péré ló lè lò.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń tú okùn lápá kan tí wọ́n sì ń fún un lápá kejì? Àtẹ̀jáde náà fúnra rẹ̀ dáhùn: owó ti ń pọ̀ jù nínú àwọn báńkì, pàápàá láti inú ohun tí ìjọba ń ná jáde bí owó tó ń wọlé fún un ti ń pọ̀ sí i. Ìgbìmọ̀ náà fẹ́ kí owó àwọn aráàlú àti oníṣòwò rí àyè mí. Wọn kò fẹ́ kí owó ìjọba tó ń ya wọlé lóṣooṣù wá kún un, kó sì tún gbé ọjà sókè. Ẹni tó bá ka 45% tí kò ka 75% á rò pé wọ́n ti ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu.

Ìlà karùn-ún kò yí padà. Ó ní kí báńkì máa fi ó kéré tán 30% owó tí àwọn oníbàárà kó sílẹ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀ sí owó tàbí ìwé gbèsè ìjọba tó lè tètè di owó. A lè kọjá lórí rẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi dín in kù

Lẹ́yìn ìpinnu ni ìdí. Ìdí mẹ́ta ni wọ́n kọ: ọ̀wọ́ngógó ọjà ti ń rọlẹ̀ fún oṣù márùn-ún léraléra, àsọtẹ́lẹ̀ wọn fi hàn pé á tún máa rọlẹ̀ títí ọdún á fi parí, ó sì yẹ kí wọ́n ran ọrọ̀ ajé lọ́wọ́ kó lè gbérí. Ẹ kíyè sí i pé ti àkọ́kọ́ ti ṣẹlẹ̀, ti èkejì jẹ́ ìrètí. Bí ìrètí yẹn bá já sí òfo, ìdí láti tún dín owó èlé kù lọ́jọ́ iwájú á bá a lọ.

Nọ́ńbà tí wọ́n gbé ìdí náà lé ni 20.12%, ìwọ̀n ọ̀wọ́ngógó ti oṣù Kẹjọ tí Àjọ Ìṣirò Orílẹ̀-èdè gbé jáde. Ti oṣù Keje jẹ́ 21.88%. Ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń bínú bí wọ́n bá gbọ́ pé ọ̀wọ́ngógó ti rọlẹ̀, nítorí wọn kò rí i kí iye gààrí tàbí òróró wálẹ̀. Ìbínú wọn ní ìdí, ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà kò sọ pé nǹkan kan wálẹ̀. Ohun tó sọ ni pé ẹrù ọjà tó jẹ́ ₦100,000 ní oṣù Kẹjọ 2024 ti di ₦120,120 ní oṣù Kẹjọ 2025. Ọjà ṣì ń gòkè, ìrìn rẹ̀ ló dẹwọ́.

Ó tún ní ìṣọ́ra kan tó yẹ kí a ní. Ní oṣù Kejìlá 2024, ìwọ̀n náà jẹ́ 34.80%. Ní oṣù kan ṣoṣo lẹ́yìn rẹ̀, ó di 24.48%. Ọjà kò wálẹ̀ bẹ́ẹ̀ láàrin oṣù kan. Àjọ Ìṣirò ló yí òṣùwọ̀n padà: ọdún 2009 ni wọ́n ti ń fi ṣe ìpìlẹ̀ ìṣirò wọn tẹ́lẹ̀, wọ́n wá gbé e wá sí 2024, wọ́n sì tún àkójọ ohun tí aráàlú ń rà ṣe kó lè bá ìgbà mu. Ó yẹ kí wọ́n ṣe é, nítorí ohun tí à ń náwó lé lórí ní 2009 kọ́ là ń náwó lé lórí lónìí. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi 34.80% wé 20.12%, tó sì ní ọ̀wọ́ngógó ti fi ìdá mẹ́rìnlá rọlẹ̀, òṣùwọ̀n méjì ló ń fi wéra. Ẹ bẹ̀rẹ̀ ìfiwéra yín láti 24.48%.

Ibi tí wọ́n fẹ́ kó dé

Báńkì tó ń lé ọ̀wọ́ngógó gbọ́dọ̀ sọ ibi tó fẹ́ lé e dé. Láti ọdún pípẹ́, Báńkì Àpapọ̀ ti máa ń sọ pé láàrin 6% sí 9% ni òun fẹ́ kó wà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2024, gómìnà sọ pé àwọn ń retí kó wá sí 21.4% lọ́dún náà. Ọdún náà parí lórí 34.80%.

Mi ò sọ èyí láti bu ẹnikẹ́ni kù. Mo sọ ọ́ nítorí pé ó fi ibi tí agbára owó èlé mọ hàn. Owó èlé tó ga lè dín ìyáwó kù, ó sì lè mú kí àwọn tó ní dọ́là fẹ́ràn láti di náírà mú, kí náírà lè dúró, kí ohun tí à ń rà láti òkè òkun má sì fò sókè. Ṣùgbọ́n kò lè lé àwọn tó ń jí àgbẹ̀ gbé kúrò lóko, kò lè tún ọ̀nà tí ọkọ̀ ẹ̀fọ́ ń gbà ṣe, kò sì lè pa owó epo bẹntiróòlù dà. Ìdí nìyí tó fi yẹ kí ẹ wá ibi tí àtẹ̀jáde ti dárúkọ ohun tó ń fa ọ̀wọ́ngógó. Bó bá ní oúnjẹ àti epo ló ń fà á, ẹ má retí pé owó èlé nìkan á tán an.

Bó ṣe dé àpò wa

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lórí owó ìfipamọ́. Láti oṣù Kẹjọ 2022, àṣẹ Báńkì Àpapọ̀ ni pé èlé tí báńkì ń san lórí àkáǹtì ìfowópamọ́ kò gbọdọ̀ kéré sí 30% owó èlé ìpìlẹ̀. Nígbà tó wà lórí 27.5%, ìyẹn jẹ́ 8.25%. Lórí 27%, ó di 8.1%. Ẹni tó ní ₦100,000 níbẹ̀ á gba ₦8,100 lọ́dún dípò ₦8,250. Ẹ rántí pé láàrin ọdún kan, ẹrù ọjà ₦100,000 ti fi ₦20,120 gòkè. Owó náà pọ̀ sí i lójú ìwé, ohun tó lè rà sì ń dínkù. Ẹ wo ìwé àkáǹtì yín bóyá báńkì ń san ìdá yẹn, nítorí ẹ̀tọ́ yín ni.

Ní ti ẹ̀yáwó, bí báńkì bá gbé gbogbo 0.5% náà fún ẹni tó jẹ mílíọ̀nù kan, ₦5,000 ló máa jèrè lọ́dún. Bóyá yóò tilẹ̀ rí i gbà wà lọ́wọ́ ìwé àdéhùn rẹ̀. Bí ìwé náà bá ní èlé kò ní yí padà títí gbèsè á fi tán, kò kàn án. Bó bá ní èlé á máa tẹ̀ lé owó èlé ìpìlẹ̀, ẹ mú àtẹ̀jáde dání, kí ẹ lọ béèrè. Báńkì kì í gbàgbé láti fi kún un nígbà tó bá gòkè.

Ẹni tó ń yá owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kò ní rí ìyàtọ̀, nítorí ẹgbẹ́ ló ń pinnu èlé tirẹ̀. Bákan náà ni àwọn tó ń yá owó lórí fóònù ní 5% lóṣù: ìyẹn ti jẹ́ 60% lọ́dún, ìpàdé Àbújá kò sì tíì dé ọ̀dọ̀ wọn.

Nígbà tí wọ́n ní àwọn kò yí i padà

Oṣù méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 25 oṣù Kọkànlá 2025, ìgbìmọ̀ náà tún jókòó tán. Ọ̀wọ́ngógó oṣù Kẹwàá ti di 16.05%. Ìròyìn gbé e pé owó èlé dúró sí 27%, kò sí ohun tó yí padà. Òótọ́ ni, lórí ìlà àkọ́kọ́. Lórí ìlà kejì, +250/-250 ti di +50/-450.

Ẹ ṣírò rẹ̀ bí a ti ṣe ṣáájú. Òkè wá sí 27.5%, ìsàlẹ̀ wá sí 22.5%. Nínú ìpàdé tí wọ́n ní owó èlé kò ti yí padà, ohun tí báńkì ń gbà lórí owó tó sùn sọ́dọ̀ Báńkì Àpapọ̀ tún fi 2% wálẹ̀, iye kan náà pẹ̀lú ti oṣù Kẹsàn-án. Bí a bá fi ìpàdé méjèèjì pọ̀, owó èlé ìpìlẹ̀ wálẹ̀ ní 0.5%, ìsàlẹ̀ wálẹ̀ ní 4%, òkè wálẹ̀ ní 5%.

Nítorí náà, bí wọ́n bá tún kéde owó èlé, kí ẹ tó pinnu láti yá owó tàbí láti sún un síwájú, ẹ wá àtẹ̀jáde náà fúnra rẹ̀ lórí ìkànnì Báńkì Àpapọ̀, pẹ̀lú ti ìpàdé tó ṣáájú rẹ̀. Ẹ ṣírò òkè àti ìsàlẹ̀ nínú méjèèjì, kí ẹ yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì. Ẹ wo CRR bóyá ó gòkè tàbí ó wálẹ̀, àti lórí owó ta ni. Ìṣirò yìí kò ju ohun tí ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ lè ṣe lọ, ó sì máa sọ fún yín ibi tí wọ́n ń darí owó sí kí báńkì yín tó fi létà ránṣẹ́.